Nígbà tí áàpù ìwá-olólùfẹ́ bá sú èèyàn: bí mo ṣe dá a dúró, tí mo sì padà sí i

Àárẹ̀ tí áàpù ìwá-olólùfẹ́ máa ń kó bá èèyàn kì í wọlé lójijì bí ibà. Díẹ̀díẹ̀ ló ń wọlé, ohun tí kì í sì í jẹ́ kéèyàn tètè mọ̀ ni pé ọwọ́ kì í yé ṣí áàpù náà. Ọ̀rọ̀ á ti sú ọkàn, síbẹ̀ àtàǹpàkò á ṣì máa fa fọ́tò sọ́tùn-ún, á máa fà á sósì. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi gbọ́kàn lé bó ṣe ń ṣe mí nígbà tí mo fẹ́ pinnu bóyá kí n dá a dúró ni tàbí kí n pa á rẹ́ pátápátá. Mo mú ìwé kékeré kan, mo fi ọjọ́ 7 ṣàkọsílẹ̀.

Ohun mẹ́ta péré ni mo ń kọ. Àkọ́kọ́ ni iye ìgbà tí mo ṣí áàpù náà lójúmọ́. Èyí ò gba àfojúdá, torí iye téèyàn máa ń rò máa ń kéré sí òótọ́. Lórí fóònù Android, ẹ wọ `Settings`, ẹ wọ `Digital Wellbeing`, ẹ tẹ orúkọ áàpù náà, ẹ ó rí iye ìgbà tí ẹ ṣí i. Lórí iPhone, `Screen Time` á fi iye wákàtí tí ẹ lò hàn yín. Ohun kejì ni ìdí tí mo fi ṣí i, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo sì ń fi kọ ọ́: “ìfilọ̀” tó bá jẹ́ pé fóònù ló pè mí, “ìdáwà” tó bá jẹ́ pé mo kàn ń wá ẹni bá sọ̀rọ̀, “àṣà” tó bá jẹ́ pé ọwọ́ ló dédé lọ síbẹ̀, “ẹnì kan” tó bá jẹ́ pé mo ní ẹni pàtó tí mo fẹ́ fún lésì. Ẹ̀kẹta ni bí ara mi ṣe rí nígbà tí mo pa á dé: ó fúyẹ́, ó wà bó ṣe wà, tàbí ó wúwo. Kò ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá lọ láti kọ ọ́, ṣùgbọ́n lójú ẹsẹ̀ ni kí ẹ kọ ọ́, torí tó bá di alẹ́, gbogbo rẹ̀ á ti dà pọ̀ mọ́ra.

Nígbà tí mo ṣírò rẹ̀ lọ́jọ́ keje, mo ti ṣí i nígbà 94. “Àṣà” jẹ́ 51, “ìfilọ̀” 22, “ìdáwà” 13, “ẹnì kan” 8. Ní ti ara, ó wúwo nígbà 58, ó wà bó ṣe wà nígbà 31, ó fúyẹ́ nígbà 5 péré. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí: nínú 5 tó fúyẹ́ yẹn, 4 bọ́ sí abẹ́ “ẹnì kan”. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bíbá èèyàn sọ̀rọ̀ kọ́ ló ń tán mi lókun, fọ́tò tí mò ń fà láìní ẹni tí mò ń wá ni. Ẹni tí ìwé rẹ̀ bá rí báyìí, ìdádúró ló tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n tí “ẹnì kan” náà bá ń wúwo, tó jẹ́ pé èsì èèyàn gidi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ dùn tẹ́lẹ̀ pàápàá ti di ẹrù, ẹ pa àkáǹtì náà rẹ́.

Kí ẹ tó pe orúkọ àárẹ̀ mọ́ ọn, ẹ wo àmì mẹ́ta pa pọ̀. Christina Maslach, tó ṣèwádìí púpọ̀ lórí bí iṣẹ́ ṣe ń tán èèyàn lókun, pín in sí mẹ́ta: okun á tán, ọkàn á le sáwọn tí à ń bá da nǹkan pọ̀, a ó sì máa rò pé kò sí ohun tí a ṣe tó lè yọrí sí rere. Lórí áàpù, àmì kejì ló rọrùn jù láti rí, torí ó máa ń hàn nínú ohun tí èèyàn kọ nípa ara rẹ̀. Ẹ lọ ka tiyín. Tí ẹ bá rí irú gbólóhùn bí “Tó o bá mọ̀ pé o ò ṣe tán, má wulẹ̀ bẹ̀rẹ̀,” àárẹ̀ ló kọ ìyẹn. Ẹni tí ẹ ń bá wí níbẹ̀ ò ní kà á, ẹni jẹ́jẹ́ tí ẹ ń wá ló máa kà á, tó sì máa kọjá lọ.

Àmì kan ṣoṣo ò tó. Tí ẹnì kan bá pa yín tì láìsọ nǹkan, tí inú yín bàjẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan, ìbànújẹ́ nìyẹn, ó sì ń lọ fúnra rẹ̀. Bákan náà, nínú ìwé ICD-11 tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ń to àìsàn, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ nìkan ni wọ́n ya irú àárẹ̀ yìí sọ́tọ̀ fún, wọn ò sì kà á sí àìsàn. Nítorí náà, tó bá jẹ́ pé oúnjẹ, oorun àti iṣẹ́ pẹ̀lú ti sú yín fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ má ṣe di ẹ̀bi rẹ̀ ru áàpù. Ẹ lọ rí dókítà.

Ohun tó mú kí fífà fọ́tò wúwo tó bẹ́ẹ̀ yé mi dáadáa nínú iṣẹ́ Tila Pronk àti Jaap Denissen, àwọn olùwádìí ní orílẹ̀-èdè Netherlands. Wọ́n fi fọ́tò han àwọn èèyàn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n gbà á tàbí kí wọ́n kọ̀ ọ́. Bí fọ́tò ṣe ń pọ̀ sí i ni wọ́n túbọ̀ ń kọ̀: láti ẹni àkọ́kọ́ dé ẹni ìkẹyìn, àǹfààní kí wọ́n gba ẹnì kan fi ìdá 27 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù. Ẹni tí ẹ bá rí lẹ́yìn tí ẹ ti wo ọ̀pọ̀ ti gba ìdájọ́ kó tó dé.

Ìdádúró náà ní ètò, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìṣe. Wọ́n á kàn yọ áàpù kúrò lójú fóònù, wọ́n á rò pé àwọn ti lọ. Fọ́tò wọn ṣì wà níbẹ̀, àwọn èèyàn ṣì lè máa tẹ̀ ẹ́, owó oṣooṣù sì ń lọ.

Owó ni mo kọ́kọ́ mú kúrò. Ẹni tó bá sanwó láti Google Play, kó ṣí i, kó tẹ àwòrán ara rẹ̀ lókè, kó wọ `Payments & subscriptions`, lẹ́yìn náà `Subscriptions`, kó fagi lé e níbẹ̀. Lórí iPhone, `Settings` ni, ẹ tẹ orúkọ yín, ẹ wọ `Subscriptions`. Pípa àkáǹtì rẹ́ nínú áàpù kì í dá irú owó bẹ́ẹ̀ dúró.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo kọ̀wé sí àwọn tí ọ̀rọ̀ wa ṣì gbóná. Méjì péré ni wọ́n. Ohun tí mo kọ sí ọ̀kan nìyí: “Mo fẹ́ kúrò lórí áàpù yìí fún ọ̀sẹ̀ 4, kí n fi sinmi. Kì í ṣe torí ohun tí ẹ sọ o. Ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ nípa oyin tí ẹ ń sìn yẹn wọ̀ mí lọ́kàn. Tó bá wù yín, ẹ jẹ́ ká fi ìṣẹ́jú 15 sọ̀rọ̀ lójúkojú lórí fóònù kí n tó lọ.” Ó yẹ kéèyàn dágbére, torí ẹni tó bá lọ láìsọ nǹkan ń ṣe ohun tó sú òun fúnra rẹ̀ sí ẹlòmíì.

Ìgbà yẹn ni mo tó fi ara mi pa mọ́. Lórí Hinge, `Pause` ni wọ́n ń pè é. Lórí Bumble, ó ń jẹ́ `Snooze`. Lórí Tinder, `Discovery` ni ẹ máa pa nínú `Settings`. Ẹni tuntun ò ní rí yín mọ́, ṣùgbọ́n àwọn tí ẹ ti bára yín mu ṣì lè kọ̀wé sí yín, nítorí náà ẹ pa ìfilọ̀ pẹ̀lú. Èyí tó kẹ́yìn ni kí ẹ yọ áàpù náà kúrò lójú fóònù. Tó bá jẹ́ pé pípa rẹ́ ni ẹ fẹ́, ẹ ṣàdàkọ ọ̀rọ̀ tí ẹ bá fẹ́ tọ́jú kí ẹ tó tẹ `Delete Account`, torí gbogbo rẹ̀ ló ń bá a lọ.

Mo dá ọ̀sẹ̀ 4, ṣùgbọ́n iye ọjọ́ kọ́ ló sọ fún mi pé mo ti ṣe tán. Lọ́jọ́ mélòó kan àkọ́kọ́, àtàǹpàkò ṣì ń lọ sí ibi tí áàpù náà máa ń wà lójú fóònù. Nígbà tí ìyẹn dáwọ́ dúró, mo jókòó, mo kọ ìbéèrè mẹ́ta tó máa wù mí láti bi ẹni tuntun. Tí ìbéèrè náà bá jọ ti ọlọ́pàá, bí “Kí ló dé tí o ò tíì ní ẹnì kan?”, ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan kún un.

Nígbà tí mo padà, mo pààrọ̀ fọ́tò àkọ́kọ́, mo sì tún ọ̀rọ̀ ara mi kọ. Tẹ́lẹ̀, ó kà pé: “Mo fẹ́ràn orin, ìrìn àjò àti oúnjẹ.” Kò sí ibi tí ẹnikẹ́ni lè gbá mú nínú ìyẹn. Èyí tuntun kà pé: “Mò ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, ṣéènì ló ṣì ń yọ mí lẹ́nu. Kí ni ẹ̀yin ń kọ́ lọ́wọ́?” Àwọn tó kọ̀wé sí mi lẹ́yìn náà ń dáhùn ìbéèrè kan, wọn ò kàn ń kí mi.

Ìṣẹ́jú 20 ni mo fún un lójúmọ́, lẹ́ẹ̀kan, kì í ṣe lórí ibùsùn. Ẹni 10 ni mò ń wò, mi ò sì ń bá ju èèyàn 3 sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Tí ọ̀rọ̀ bá ti pé bí ọjọ́ 5, màá bẹ̀bẹ̀ ká fi ojú rí ara wa lórí fóònù fún ìṣẹ́jú 15, torí lẹ́tà tó bá pẹ́ jù máa ń dá ẹni tí kò sí sílẹ̀ nínú ọkàn wa.

Ohun kan kọ́kọ́ dà á rú. Mò ń wo ẹni tuntun ṣáájú, àkókò á tán nígbà tí mo bá fẹ́ fún ẹnì kan lésì, èmi náà á wá dà bí ẹni tó ń pa èèyàn tì. Mo yí i padà: èsì ló kọ́kọ́, ẹni tuntun ló tẹ̀ lé e. Ìkejì ni pé ẹnì kan á dákẹ́, á sì gba àyè ọ̀kan nínú mẹ́ta. Mo wá fi ọjọ́ 3 ṣe òpin: lẹ́yìn ìyẹn, màá kọ gbólóhùn kan, màá sì pa ọ̀rọ̀ náà dé.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin tí mo padà, mo tún ṣàkọsílẹ̀ ọjọ́ 7. Mo ṣí i nígbà 11; “ẹnì kan” jẹ́ 8, “àṣà” 2, “ìdáwà” 1. Ó wúwo nígbà 2. Mo kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé náà pé tí “àṣà” bá tún ju “ẹnì kan” lọ fún ọ̀sẹ̀ méjì léra, màá pa àkáǹtì náà rẹ́.