Ohun tí ẹ tún ṣe kò tíì parẹ́

Àṣìṣe tí mo máa ń rí jù lọ lórí Facebook nìyí. Ènìyàn kọ ọ̀rọ̀ kan síta, nọ́ńbà fóònù ẹlòmíì wà nínú rẹ̀, ó wá rí i pé kò yẹ kó wà níbẹ̀. Ó tẹ àmì tóótòòtó mẹ́ta, ó mú "Edit post", ó yọ nọ́ńbà náà kúrò, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ọkàn yín balẹ̀ síbẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá lè rí ọ̀rọ̀ náà lè tẹ tóótòòtó mẹ́ta yẹn kan náà, kó mú "View edit history". Gbogbo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí tẹ́lẹ̀ ló máa jáde, tọjọ́ taago, nọ́ńbà náà á sì wà níbẹ̀ gedegbe.

Ẹni tó kọ ọ́ kò lè pa àkọsílẹ̀ àtúnṣe yìí nìkan rẹ́. Àfi kó pa gbogbo ọ̀rọ̀ náà rẹ́, kó sì kọ òmíràn. Gbogbo èsì tí àwọn ènìyàn ti fún un á bá a lọ, ìdí sì nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi máa ń lọ́ra. Tó bá jẹ́ àṣìkọ lẹ́tà kan, àtúnṣe tó. Tó bá jẹ́ àṣírí ẹlòmíì, ẹ pa á rẹ́.

Facebook kò fi àkókò dí yín lọ́wọ́. Ìgbàkígbà lẹ lè tún un ṣe. WhatsApp kò rí bẹ́ẹ̀. Ìṣẹ́jú 15 péré ló fún yín, "Edit" kò sì ní sí níbẹ̀ mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Àwọn tó ń kà á á rí "Edited" lára rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò lè ṣí ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àṣìṣe mìíràn fara pamọ́ síbí. Ká ní ẹ kọ ọ́ sí gúrúùpù ní aago 8 àárọ̀ pé aago 10 ni ìpàdé. Ní 8:09, ẹ yí i sí aago 9. Fóònù àwọn tó ti kà á kò ní dún mọ́, nítorí àtúnṣe kì í fi ìkìlọ̀ ránṣẹ́. Aago 10 ni wọ́n máa dé. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ tuntun sábẹ́ rẹ̀ pé àkókò ti yí padà.

Bí ìṣẹ́jú 15 bá ti kọjá, ẹ má fòyà: "Delete for everyone" ṣì wà fún bí ọjọ́ méjì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo gúrúùpù á rí i pé ẹ pa nǹkan rẹ́.

Kí ẹ tó gbà pé ọ̀rọ̀ Facebook yẹn ti tán, ẹ fi fóònù ẹlòmíì ṣí i, kí ẹ sì tẹ tóótòòtó mẹ́ta náà wò.