Ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà tó di ọjọ́ 6 oṣù Karùn-ún: ohun tí ojú mi rí lórí ìwé àkọsílẹ̀ wa ní Ẹ̀pẹ́

Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Oúnjẹ ẹja la ń tà ní Ẹ̀pẹ́, a sì máa ń gbé e fún àwọn tó ń sin ẹja láwìn, ọjọ́ 21 la fi ń dá wọn. Àwọn òṣìṣẹ́ wa mẹ́rin ló ń káàkiri, fóònù ni wọ́n sì fi ń kọ orúkọ oníbàárà, ọjọ́ tó gbọjà àti ibi tó wà sínú `Google Sheets`. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹfà ọdún 2025, àkọsílẹ̀ fi hàn mí pé màmá kan ní Ejinrin ti jẹ gbèsè kọjá ọjọ́. Mo pè wọ́n, mo sì fọhùn le. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ọjọ́ márùn-ún péré rèé tí ẹ gbé e wá." Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà ni wọ́n gbọjà. Òṣìṣẹ́ wa kọ 05/06/2025, kọ̀ǹpútà kà á sí ọjọ́ 6 oṣù Karùn-ún, ó fi ọjọ́ 21 kún un, ó sì dé ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún.

Lọ́sẹ̀ yẹn kan náà, dírẹ́bà tuntun gbé àpò 15 lọ sí Ketu tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Máìlì 12, nígbà tí oníbàárà wà ní Ketu tiwa níbí. "Ketu" lásán ni wọ́n kọ. ₦32,000 owó ọkọ̀ wọgbó.

Ti orúkọ ìlú kò pẹ́ rárá. Mo kó gbogbo ibi tí à ń tajà dé sínú ojú ewé kan tí mo pè ní `Ibi`, mo sì yan `Dropdown (from a range)` ní `Data validation`, kí wọ́n máa mú orúkọ níbẹ̀ dípò kí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Odoragunsin nìkan, ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n ti ń kọ ọ́ tẹ́lẹ̀! Mo wá kọ "Ketu Ẹ̀pẹ́" ní kíkún, ó parí.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ ló fìyà jẹ mí. Mo kọ́kọ́ yan `Is valid date`, mo sì tẹ `Reject the input`. Mo rò pé mo ti ṣe é tán. Ní ọjọ́ 12, wọ́n kọ 12/06/2025, ó wọlé wẹ́rẹ́, àmọ́ ọjọ́ 6 oṣù Kejìlá ló kà á sí, torí ọjọ́ gidi nìyẹn náà. Ní ọjọ́ 13, fóònù mi bẹ̀rẹ̀ sí í dún láti àárọ̀. "Àǹtí, ó ní ọjọ́ òní kì í ṣe ọjọ́ o!" Kò sí oṣù Kẹtàlá, ó sì kọ gbogbo wọn. Mo pa òfin náà rẹ́, mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta, ibì kan náà ló ń já sí. Odindi ọjọ́ kan lọ sí i.

Àṣé òfin mi kọ́ ló burú. Nígbà tí mo wo `File`, `Settings`, mo rí i pé `Locale` wà lórí `United States`, níbi tí wọ́n ti ń kọ oṣù ṣáájú ọjọ́. Mo yí i sí `United Kingdom`. Ẹ gbọ́ o, yíyí i kì í tún èyí tó ti bàjẹ́ ṣe. Ọjọ́ 6 oṣù Karùn-ún ti màmá yẹn dúró síbẹ̀, ọ̀nà tí wọ́n gbà kọ ọ́ nìkan ló yí padà.

Èyí tí mo fi yangàn ni òfin tí mo wá kọ fúnra mi, nínú `Custom formula is`:

```
=AND(ISNUMBER(B2), B2<=TODAY(), B2>=TODAY()-7)
```

Kò gba ọjọ́ tí kò tíì dé, kò sì gba èyí tó ti ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Tí ẹnikẹ́ni bá gbé ọjọ́ sípò oṣù, àṣìṣe náà máa ń tó bí oṣù kan ó kéré tán, nítorí náà kò lè ríbi gbà wọlé. Àléébù rẹ̀ ni pé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, àmì pupa á yọ ní igun àwọn ọjọ́ àtijọ́, bẹ́ẹ̀ wọn ò ṣẹ̀. Gbogbo ọjọ́ Ajé ni mo ń kó wọn lọ sí ojú ewé mìíràn. Bákan náà, bí òṣìṣẹ́ bá da àpótí mìíràn kọ, tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibẹ̀, ó lè gbé òfin náà lọ. Mo ti kìlọ̀ fún wọn.

Ká ní mo mọ̀ ni, `Locale` ni ǹ bá kọ́kọ́ wò kí ẹnikẹ́ni tó tẹ ìlà kan. Ìlà 64 ló wà nílẹ̀. Àwọn tí ọjọ́ wọn kọjá 12 hàn kedere, torí apá òsì àpótí ni wọ́n dúró sí bí ọ̀rọ̀ lásán, `#VALUE!` sì wà níbi ọjọ́ ìsanwó wọn. Àwọn 41 tó kù, kò sí ohun tó lè fi wọ́n hàn lójú. Alẹ́ méjì ni mo fi ń fi rìsíìtì wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Mẹ́ta ò ní rìsíìtì, mo sì ní láti pe àwọn oníbàárà náà bi wọ́n. Ejinrin ni mo kọ́kọ́ pè, mo sì fi ẹ̀bẹ̀ ṣáájú.