Sípíkà méjì tó ń dún kì í ṣe sítẹ́ríò

Ẹ wo pálọ̀ kan ní Ìkòròdú. Sípíkà kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n, èkejì wà lẹ́nu ọ̀nà, méjèèjì ń dún, onílé sì ń mi orí pé òun ti ní sítẹ́ríò. Kò tíì ní in o. Ohun kan náà ni sípíkà méjèèjì ń sọ. Sítẹ́ríò ni pé kí gìtá wá láti apá òsì, kí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ wá láti apá ọ̀tún, kí ohùn olórin sì dúró láàárín bí ẹni pé ó wà níwájú yín. Owó sítẹ́ríò ló san, ariwo ló rà. Àṣìṣe mẹ́ta tó ń fa irú èyí rèé.

1. Ẹ má rò pé fóònù ló ń pín ohùn. Èyí ló ń bí mi nínú jù, ẹ jẹ́ kí n tú u palẹ̀. Láti ìgbà Galaxy S8 ti ọdún 2017 ni àwọn fóònù Samsung ti ní ohun tí wọ́n ń pè ní Dual Audio, tó ń jẹ́ kí sípíkà Búlútúùtù méjì máa gba orin láti ara fóònù kan. Ṣùgbọ́n odindi orin, tòsì tọ̀tún, ló ń fi ránṣẹ́ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Sípíkà kọ̀ọ̀kan sì máa ń kó ohùn jọ díẹ̀ kó tó dún, àsìkò tí wọ́n fi ń kó o jọ kì í dọ́gba. Ìlù tí wọ́n lù lẹ́ẹ̀kan á wá dún lẹ́ẹ̀mejì, bí onílù méjì tí ọ̀kan ń sáré tẹ̀lé èkejì. Àwọn kan á ní orin ni ò dáa, wọ́n á lọ wa òmíràn sórí fóònù.

Kò sí bí ẹ ṣe lè fi gbígbé sípíkà síwá sẹ́yìn tún un ṣe. Ohùn ń rìn tó nǹkan bíi mítà 343 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí sípíkà kan bá fi ìdá 60 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá pẹ́ ju èkejì lọ, ẹ ní láti fi nǹkan bíi mítà 20 sún mọ́ ọn ju èkejì lọ kí wọ́n tó bá ara wọn mu. Ta ló ní irú pálọ̀ bẹ́ẹ̀?

Sípíkà fúnra rẹ̀ ló ń pín ohùn, iṣẹ́ yìí ni lẹ́tà TWS tó wà lára páálí wọn, ìyẹn True Wireless Stereo, ń tọ́ka sí. Fóònù ń bá ọ̀kan ṣoṣo sọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ ká pè é ní ọ̀gá. Ọ̀gá á mú apá tirẹ̀, á sì ju apá kejì sí ọmọọṣẹ́ rẹ̀.

2. Ẹ má ra oríṣi méjì. JBL Flip 4 ń fi Connect+ so mọ́ èkejì rẹ̀, Flip 5 ń fi PartyBoost ṣe é, wọn ò sì gbédè ara wọn. Flip 5 àti Charge 5 lè jọ dún pọ̀ lóòótọ́, àmọ́ kò lè di sítẹ́ríò, àfi Flip 5 méjì tàbí Charge 5 méjì. Tí ẹ bá lọ rà á ní Sábọ̀, ẹ ní kí wọ́n so méjèèjì pọ̀ lójú yín kí ẹ tó sanwó.

3. Síso èkejì mọ́ fóònù kí wọ́n tó mọ ara wọn. Àṣìṣe onílé yẹn gan-an nìyí: sípíkà méjèèjì ló ti so mọ́ fóònù tẹ́lẹ̀. Gbogbo ìgbà tó bá tan wọ́n, fóònù á já ọmọọṣẹ́ gbà lọ́wọ́ ọ̀gá. Kó wọ inú Búlútúùtù fóònù, kó tẹ Forget tàbí Unpair fún méjèèjì, kó sì pa Búlútúùtù náà. Kó tan sípíkà méjèèjì, kó tẹ bọ́tìnì TWS lára ọ̀kan ṣoṣo. Tí kò bá sí bọ́tìnì yẹn, títẹ bọ́tìnì Búlútúùtù lẹ́ẹ̀mejì ló sábà máa ń ṣe é. Ìwé inú páálí á sọ ọ́. Ó dìgbà tí wọ́n bá dún láti fi hàn pé wọ́n ti rí ara wọn kó tó tan ti fóònù padà, kó sì mú orúkọ kan ṣoṣo. Lórí JBL tó ń lo PartyBoost, bọ́tìnì PartyBoost lára méjèèjì ló máa tẹ dípò ti TWS, ó sì ṣì kù kó wọ inú áàpù wọn, kó yí i kúrò ní Party sí Stereo.



Orin ti wá dáa, àmọ́ apá òsì ń já ní gbogbo ìgbà tí àlejò bá gba àárín kọjá. Omi inú ara èèyàn ló ń gbé ìgbì Búlútúùtù mì. Gbé sípíkà méjèèjì kúrò nílẹ̀, kí wọ́n ga tó etí ẹni tó jókòó, kí àlàfo àárín wọn jẹ́ mítà méjì sí mẹ́ta, kí àga yín sì jìnnà sí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n kan náà. Fóònù ò gbọdọ̀ wà nínú àpò ṣòkòtò; ẹ gbé e sítòsí ọ̀gá.

Kí ẹ tó sọ pé ó ti parí, ẹ wo Accessibility lórí fóònù bóyá Mono audio wà ní títàn. Bó bá wà ní títàn, gbogbo làálàá yín ti ṣègbé, torí ó ń lọ tòsì tọ̀tún pọ̀. Ẹ wá tẹ "left right stereo test" sórí YouTube. Tí ohùn tó ń pe "left" bá jáde lára méjèèjì, ẹ padà sí ìkẹta. Tó bá jáde lápá ọ̀tún nìkan, ẹ má tún nǹkan kan so. Ẹ kàn gbé èyí tó wà lọ́tùn-ún sósì.