Àṣìṣe tí àwọn akọ̀wé tuntun ń ṣe tí wọ́n bá ń sọ “mo” di “òun” nínú àkọsílẹ̀ ìpàdé

Ó ti sú mi láti máa rí àkọsílẹ̀ ìpàdé tí wọ́n ní láti tún tẹ̀. Ní Ìbàdàn yìí, ẹgbẹ́ onílé ni o, ẹgbẹ́ ọlọ́jà ni, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni, bákan náà ló ń rí. Akọ̀wé tuntun á fi fóònù gba ohùn ìpàdé sílẹ̀, á jókòó ti fóònù kọ ọ́, á gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà, wọ́n á tẹ̀ ẹ́, wọ́n á ṣe fótókọ́pì fún gbogbo ilé. Tó bá di ìpàdé tó tẹ̀ lé e, ẹnì kan á dìde pé ohun tí òun sọ kọ́ nìyẹn. Owó ìwé ti lọ, owó títẹ̀ ti lọ, wọ́n á sì tún san òmíràn. Ẹ̀yin akọ̀wé tuntun, mo bẹ̀ yín, ẹ ka èyí kẹ́ ẹ tó dé ọ̀dọ̀ atẹ̀wé.

Àkọ́kọ́: ẹ má fi “mo” sílẹ̀ lẹ́yìn “pé”. Tẹ́ ẹ bá kọ pé “Alága sọ pé mo máa fún ẹgbẹ́ ní ilẹ̀,” ẹ̀yin tẹ́ ẹ fọwọ́ sí ìwé náà lẹ ṣèlérí ilẹ̀, kì í ṣe Alága.

Ìkejì: ẹ má fi àmì àyọlò sí ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ ti yí padà. Bí àmì bá wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni náà gan-an ló gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú “mo” rẹ̀.

Ìkẹta ni èyí tó ń bí mi nínú jù: kíkọ “ó” àti “rẹ̀” níbi tó yẹ kí “òun” wà. Tí a bá ní “Akápò sọ pé ó ti san owó,” Yorùbá tó bá kà á á kọ́kọ́ béèrè pé ta ló san án, torí “ó” yẹn ń tọ́ka sí ẹlòmíràn. Tó bá jẹ́ Akápò fúnra rẹ̀ ló san án, “òun” la máa kọ. Bó ṣe rí náà nìyẹn fún “fún òun,” “lọ́wọ́ òun,” “kí òun.” Gbogbo wa la ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu láìṣìṣe. Ó wá jẹ́ pé ìgbà tí a bá mú báírò ló máa ń di “ó.”

Ẹgbẹ́ onílé kan wà tí mo mọ̀, tí wọ́n ń ṣe géètì àdúgbò. Ọ̀rọ̀ tí Ìyá Akápò sọ nínú ìpàdé wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ rí báyìí nínú fóònù: “Wẹ́dà pè mí lánàá. Ó ní òun ti ra irin. Mo ní kó dá owó wa padà tí kò bá parí ẹ̀ di Sátidé. Mi ò tíì fún un ní ìyókù, owó yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi. A ti pinnu pé kí n lọ gba èyí tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ lọ́jọ́ náà.”

Akọ̀wé kọ ọ́ pé: “Akápò sọ pé wẹ́dà pe òun lánàá. Ó ní òun ti ra irin. Ó ní kó dá owó wọn padà tí kò bá parí rẹ̀ di Sátidé. Kò tíì fún un ní ìyókù, owó náà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ti pinnu pé kó lọ gbà á.”

Ẹ tún un kà bí ẹni tí kò wá sí ìpàdé. Ta ló ra irin? Ó lè jẹ́ Akápò. Owó ìyókù ńkọ́? “Lọ́wọ́ rẹ̀” ti gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ wẹ́dà. Obìnrin tó sọ ní gbangba pé owó wà lọ́wọ́ òun, ìwé wá sọ ọ́ di ẹni tó ti kó owó ẹgbẹ́ lé oníṣẹ́ lọ́wọ́. Àwọn tí kò sí níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bi í léèrè owó, ó sì dùn ún gan-an. Inú bí mi fún un, torí ohùn rẹ̀ wà nínú fóònù, ó já gaara.

Àṣìṣe míì tún wà níbẹ̀ tí ojú kì í tètè rí. “Kò tíì fún un ní ìyókù” kò ní “ó ní” níwájú. Bí “ó ní” bá ti jábọ́, gbólóhùn náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ Akápò mọ́, akọ̀wé ló ń jẹ́rìí sí i. Gbólóhùn kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ẹni tó ni ín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé “ó ní” yẹn á pọ̀ lójú ìwé.

“Òun” fúnra rẹ̀ náà ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Tẹ́ ẹ bá kọ pé “Akápò ní wẹ́dà sọ fún òun pé òun ti ra irin,” “òun” kejì lè jẹ́ ti Akápò, ó sì lè jẹ́ ti wẹ́dà. Níbẹ̀, ẹ dárúkọ oyè tàbí iṣẹ́ ẹni náà, tàbí kẹ́ ẹ gé gbólóhùn náà sí méjì. Ká ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 15 oṣù Kẹfà 2025, ni ìpàdé náà wáyé, bí èmi ṣe máa kọ ọ́ nìyí:

“Akápò jábọ̀ pé wẹ́dà pe òun ní Sátidé, ọjọ́ 14 oṣù Kẹfà. Gẹ́gẹ́ bí Akápò ṣe sọ, wẹ́dà ní òun ti ra irin. Akápò ní òun sọ fún wẹ́dà pé kó dá owó ẹgbẹ́ padà bí kò bá parí iṣẹ́ di Sátidé, ọjọ́ 21. Ó ní òun kò tíì san ìyókù fún wẹ́dà, àti pé owó náà ṣì wà lọ́wọ́ òun. Ó ní ìgbìmọ̀ alákòóso ti pinnu pé kí òun lọ gba owó tó wà lọ́wọ́ wẹ́dà lọ́jọ́ náà.”

Ẹ ṣàkíyèsí pé “lánàá” ti di ọjọ́, torí ẹni tó máa kà á lóṣù tó ń bọ̀ kò mọ àná ta ni. “A ti pinnu” náà ti di ìgbìmọ̀ alákòóso. Ẹ má méfò ìyẹn o. “A” lẹ́nu Akápò lè jẹ́ gbogbo ẹgbẹ́, ó lè jẹ́ ìgbìmọ̀, ó lè jẹ́ òun àti Alága nìkan. Ẹ pè é lórí fóònù kẹ́ ẹ bi í.

Ọ̀rọ̀ àgbà tún wà níbẹ̀. Ẹnì kan á dìde nínú ìpàdé, á ní, “Bàbá Alága sọ fún mi pé àwọn máa mú sìmẹ́ǹtì wá.” Ọ̀wọ̀ ni “àwọn” yẹn, Bàbá nìkan ló ń wí. Tó bá wọ ìwé bẹ́ẹ̀, gbogbo ìgbìmọ̀ ló ti jẹ gbèsè sìmẹ́ǹtì. Ẹ kọ “Alága” síbẹ̀. “Alága ní òun” kì í sì í ṣe àrífín nínú ìwé. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn oníwèé ìròyìn Yorùbá ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ gómìnà.

Àwọn tí wọ́n ń fi òfin gírámà Gẹ̀ẹ́sì kọ Yorùbá náà tún ń fìyà jẹ mí. Wọ́n kọ́ wọn nílé ìwé pé ọ̀rọ̀-ìṣe gbọ́dọ̀ yí padà, wọ́n wá sọ “mà á gbà á” di “òun ì bá gbà á.” Ìtumọ̀ ìyẹn ni pé kò gbà á mọ́! “Òun yóò gbà á” ló tọ́. “Ti” ń jẹ́ “ti,” “ń” ń jẹ́ “ń,” kò sí èyí tó yí padà.

Ìbéèrè á di “ó béèrè bóyá,” àṣẹ á di “ó ní kí wọ́n.”

Ẹ má kọ “jẹ́wọ́” fún ẹni tí kò jalè.

Kẹ́ ẹ tó lọ tẹ ìwé, ẹ kà á sókè fún ẹnì kan tí kò sí ní ìpàdé, kó máa béèrè “ta ni?” níbi gbogbo tí “ó,” “rẹ̀” àti “wọ́n” bá wà. Ibi tó bá ti dá yín dúró, ẹ padà sínú fóònù. Ẹ má sì pa ohùn náà rẹ́ kí ìpàdé tó tẹ̀ lé e tó fọwọ́ sí àkọsílẹ̀ náà.