Bí a ṣe ń kọ lẹ́tà sí ayàwòrán tí yóò sọ fọ́tò àwọn òṣìṣẹ́ di kàtúùnù fún bánà iwájú ṣọ́ọ̀bù

Nígbà àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ kí kàtúùnù àwọn òṣìṣẹ́ mi wà lórí bánà iwájú ṣọ́ọ̀bù, fọ́tò márùn-ún ni mo fi ránṣẹ́ sí ayàwòrán pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi sọ ìwọ̀nyí di kàtúùnù." Iṣẹ́ tó gbé wá mọ́ tónítóní, àmọ́ ó ti sọ imú obìnrin tó ń gbowó ní ṣọ́ọ̀bù di ńlá ju bó ṣe yẹ lọ. Obìnrin náà wò ó títí, kò sọ nǹkan kan, ó kàn dá fóònù padà sí mi lọ́wọ́. Kò sí bí a ṣe lè tún un ṣe mọ́ láìyà á látìbẹ̀rẹ̀, nítorí àwọ̀ ti wà lórí gbogbo rẹ̀, a sì ti ya àwọn márààrún mọ́ra wọn bí ẹni pé ara kan ni wọ́n.

Ayàwòrán náà kò jẹ̀bi. Nígbà tí mo padà wo fọ́tò tí mo fún un, mo rí i pé ọ̀dọ̀ mi ni àṣìṣe náà ti bẹ̀rẹ̀: mo ti gbé fóònù sún mọ́ ojú obìnrin náà jù nígbà tí mo ń yà á, bẹ́ẹ̀ ohun tó bá sún mọ́ ojú kámẹ́rà jù lọ ló máa ń tóbi jù lọ nínú fọ́tò. Kámẹ́rà ti kọ́kọ́ sọ imú náà di ńlá, ayàwòrán sì tún fi àsọdùn tirẹ̀ lé e, nítorí kò rí obìnrin náà rí, kò sì sí ohun tí mo kọ tó lè jẹ́ kí ó mọ̀. Iṣẹ́ lẹ́tà ni láti sọ ohun tí fọ́tò kò lè sọ.

Kí a tó kọ lẹ́tà: ìyọ̀ǹda àwọn òṣìṣẹ́

Ẹ pe òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́, kí ẹ bá a sọ̀rọ̀ ní òun nìkan. Bí ẹ bá béèrè níwájú gbogbo wọn, ẹni tí kò fẹ́ kò ní lè sọ pé òun kò fẹ́, nítorí ẹ̀yin ni ọ̀gá. Ẹ bi í bóyá ó fẹ́ kí àwòrán òun wà níta níbi tí gbogbo ayé yóò ti máa rí i, kí ẹ sì fi í lọ́kàn balẹ̀ pé bí kò bá fẹ́, kò sí ohun tí yóò yí padà nínú iṣẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ bi í nípa ohun tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ṣe àsọdùn lára òun, àti ohun tí ó máa ń wù ú kí a fi dá òun mọ̀. Ìdáhùn sí ìbéèrè ìkẹyìn yìí máa ń yà mí lẹ́nu. Ọkùnrin tí mo rò pé yóò ní kí a fi àpá ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ pamọ́ sọ pé tí kò bá sí àpá yẹn níbẹ̀, kì í ṣe òun. Ẹ kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gan-an.

Fọ́tò

Fọ́tò méjì tó fún ẹnì kọ̀ọ̀kan: ọ̀kan tó kọjú sí wa, èkejì tó yí ojú díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kí ayàwòrán lè mọ bí imú àti àgbọ̀n ṣe rí ní tòótọ́. Kí òṣìṣẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà níbi tí ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́ ti ń wọlé, kí ẹ gbé fóònù sí ọ̀gangan ojú rẹ̀, kí ẹ sì fi bíi mítà kan àbọ̀ sí méjì jìnnà sí i. Bí ojú rẹ̀ bá kéré nínú fọ́tò, a lè gé etí fọ́tò náà kúrò, èyí sàn ju kí a sún mọ́ ọn lọ.

Bí ẹ bá fẹ́ fi wọ́n ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹ fi wọ́n ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí fáìlì, kì í ṣe gẹ́gẹ́ bí fọ́tò, nítorí WhatsApp máa ń fún fọ́tò pọ̀ kí ó lè fúyẹ́. Ẹ fi nọ́ńbà sọ wọ́n lórúkọ, bíi `01-iwaju.jpg` àti `01-egbe.jpg`, kí lẹ́tà lè tọ́ka sí wọn láìsí ìdàrúdàpọ̀.

Ìwọ̀n bánà

Ẹ jẹ́ kí a mú bánà tèmi ṣe àpẹẹrẹ. Ó fẹ̀ ní mítà 3, ó sì ga ní mítà 1. Orúkọ ṣọ́ọ̀bù gba mítà kan nínú fífẹ̀ rẹ̀, mítà méjì ló sì kù fún èèyàn márùn-ún, èyí tó túmọ̀ sí pé ẹnì kọ̀ọ̀kan ní sẹ̀ǹtímítà 40. Odì kejì òpópónà, níbi tí àwọn tó ń kọjá ti máa ń wò ó, jìnnà tó mítà 10. Èèyàn tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 40 tí a ń wò láti mítà 10 kò tóbi lójú ju èyí tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 2 tí a gbé sí iwájú wa ní ìwọ̀n ìdajì mítà.

Ìṣirò kékeré yìí ni mo fi ń dán iṣẹ́ wò títí dòní. Mo máa ń tẹ àwòrán náà sórí bébà kí gbogbo bánà fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 15 péré, n ó sì nawọ́ rẹ̀ jìnnà sí ojú mi ní ìdajì mítà. Ohunkóhun tí n kò bá lè rí níbẹ̀, bíi bọ́tìnì aṣọ tàbí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ nínú irun, ẹni tó wà ní odì kejì kò ní rí i. Ìdí nìyẹn tí mo fi fagi lé èrò láti kọ orúkọ òṣìṣẹ́ sábẹ́ àwòrán kọ̀ọ̀kan: kí ọ̀rọ̀ tó ṣeé kà dáadáa láti mítà 10, ó yẹ kí lẹ́tà rẹ̀ ga tó sẹ̀ǹtímítà 8, irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ kò sì lè gba orúkọ gígùn nínú sẹ̀ǹtímítà 40.

Lẹ́tà náà

Bí mo ṣe kọ ọ́ ní ìgbà kejì nìyí. Ẹ lè yí i padà bó bá ṣe bá tiyín mu.

> Ẹ kú iṣẹ́ o.
>
> Mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tí a ti ń ta ìwé àti ohun ìkọ̀wé. Mo fẹ́ kí ẹ bá mi ya kàtúùnù òṣìṣẹ́ márùn-ún, láti orí dé ìbàdí, fún bánà tí yóò fẹ̀ ní mítà 3, tí yóò sì ga ní mítà 1. Apá òsì, tó jẹ́ mítà kan, yóò ṣófo fún orúkọ ṣọ́ọ̀bù. Láti nǹkan bíi mítà 10 ni wọn yóò ti máa wò ó, nítorí náà mo fẹ́ ìlà tó nípọn àti àwọ̀ díẹ̀ tí kò jọra.
>
> Mo fi fọ́tò méjì ránṣẹ́ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹni kìíní ni ó ń gbowó: ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi imú rẹ̀ ṣe àsọdùn; ẹ̀rín rẹ̀ àti awò ojú tó máa ń wà lórí irun rẹ̀ ni gbogbo èèyàn fi mọ̀ ọ́n. Ẹni kejì ní àpá ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì, ó sì fẹ́ kí ó hàn. Ẹni kẹta ga ju àwọn yòókù lọ, ẹ lè fi gíga rẹ̀ ṣeré bó bá ṣe wù yín. Ẹni kẹrin kò fẹ́ kí a fi ìsanra rẹ̀ ṣe àwàdà. Ẹni karùn-ún ní èjí, ó sì fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àwọ̀ ara olúkúlùkù rí bó ṣe rí nínú fọ́tò.
>
> Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ya ẹnì kọ̀ọ̀kan ní odindi lórí ìpele tirẹ̀ nínú fáìlì, kódà níbi tí ẹlòmíràn bá ti bò ó díẹ̀.
>
> Mo fẹ́ kọ́kọ́ rí àwòrán pẹ́ńsù láàárín ọjọ́ méje. A ó ṣe àtúnṣe ẹ̀ẹ̀mejì lórí pẹ́ńsù àti ẹ̀ẹ̀kan lórí àwọ̀. Èyí tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, n ó san owó rẹ̀ lọ́tọ̀. N ó san ìdajì owó kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, n ó sì san ìyókù nígbà tí fáìlì bá dé ọwọ́ mi. Mo fẹ́ lo àwòrán náà lórí bánà àti lórí àpò tí a fi ń di ọjà. Bí ẹ bá fẹ́ fi í han àwọn oníbàárà yín, ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí n béèrè lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́.
>
> Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ iye owó àti ọjọ́ tí iṣẹ́ lè parí fún mi.

Gbólóhùn nípa ìpele, tó dà bíi bébà tó mọ́ gaara tí a tò léra nínú fáìlì, ni ó ti gbà mí sílẹ̀ jù lọ. Òṣìṣẹ́ a máa kúrò, òmíràn a sì máa dé. Bí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá wà ní odindi lórí ìpele tirẹ̀, a lè yọ ọ̀kan kúrò láìfi apá tàbí èjìká ẹnìkejì rẹ̀ sílẹ̀ ní gígé, kí a sì san owó èèyàn kan péré fún ẹni tuntun.

Bí ayàwòrán bá ti gbà, ẹ pe ẹni tí yóò tẹ bánà kí ẹ tó jẹ́ kí iṣẹ́ tẹ̀ síwájú. Ẹ bi í ní irú fáìlì tí ó ń gbà, àti ìwọ̀n tí yóò ṣẹ́ mọ́ etí bánà níbi tí yóò lu ihò okùn sí, kí orí ẹnikẹ́ni má baà bọ́ sí ihò. Fáìlì tí a fi ìlà yà, bíi SVG tàbí PDF, ṣeé fẹ̀ dé ibi tó bá wuni láìdàrú. Bí ayàwòrán bá ń kun àwọ̀ bí ẹni ń kun ọ̀dà, àwọn tó ń tẹ bánà ńlá sábà máa ń gba ojúàmì 100, ìyẹn àmì àwọ̀ kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán, nínú ínǹṣì kan, èyí tó jẹ́ nǹkan bíi 11,800 ní fífẹ̀ àti 3,900 ní gíga fún bánà tiwa yìí. Ẹ fi ìdáhùn atẹ̀wé náà ránṣẹ́ sí ayàwòrán bó ṣe wà.

Nígbà tí àwòrán pẹ́ńsù bá dé

Ẹ má tíì fèsì. Ẹ kọ́kọ́ fi han òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, tirẹ̀ nìkan, kí ẹ sì wo ojú rẹ̀ kí ó tó sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá rẹ́rìn-ín, tó sì ní kí ẹ fi ránṣẹ́ sí òun, ti gbà. Ẹni tó bá ní "Ó dáa," tó sì tètè gbójú kúrò, ẹ tún bi í ní pẹ̀lẹ́tù, nítorí pẹ́ńsù ṣì ṣeé pa rẹ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ kó gbogbo àtúnṣe jọ sínú lẹ́tà kan, kí ẹ dárúkọ nọ́ńbà èèyàn, ibi tí ọ̀rọ̀ wà àti ohun tí ẹ fẹ́. "Ẹni kìíní kò jọ ara rẹ̀" kò sọ ohun tí ayàwòrán yóò ṣe. "Ẹni kìíní: ojú rẹ̀ sún mọ́ra jù, ẹ wo `01-egbe.jpg`, ẹ jẹ́ kí ẹ̀rín rẹ̀ fẹ̀ sí i ní apá ọ̀tún" ni ó lè fi ṣiṣẹ́. Ìgbà tí mo fi èyí ránṣẹ́, àwòrán tuntun dé lọ́jọ́ kejì. Obìnrin tó ń gbowó gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó wò ó, ó sì gbé e lọ fi han àwọn yòókù nínú ṣọ́ọ̀bù.