Àwọn àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ tí fọ́múlà inú síláìdì bá tako ti inú ìwé, tí o sì fẹ́ kọ ímeèlì sí olùkọ́

Ẹ̀kọ́ ooru àti agbára ni mò ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní. Kò sí sáà kan tí ẹnì kan kì í kọ̀wé sí mi pé fọ́múlà tí mo fi hàn ní kíláàsì kò bá ti inú ìwé mu. Ìbéèrè náà dára, inú mi sì máa ń dùn sí i. Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ ló ń bí mi nínú. Ẹni náà á ti jókòó ti ìwé fún wákàtí méjì, á wá kọ ímeèlì tí mi ò lè dáhùn. Mo máa bi í padà, ó di ọ̀la, ó di ọ̀tunla, ìdánwò á sì ti wọlé dé.

1. Ìkíni tí ó gbé ìbéèrè mì

Ọmọ tí a kọ́ kì í ṣàìkí àgbà, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n mo ti gba ímeèlì tí ìpínrọ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ jẹ́ ìkíni àti àdúrà, tí ẹni náà tọrọ àforíjì lẹ́ẹ̀mẹrin pé òun ń yọ mí lẹ́nu, tí ìbéèrè rẹ̀ sì jẹ́ ìlà kan péré: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, fọ́múlà inú síláìdì yín kò jọ ti inú ìwé." Síláìdì wo? Ìwé wo? Fọ́múlà wo nínú gbogbo èyí tí mo kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà? Gbólóhùn kan tó fún ìkíni. Bó o bá fẹ́ bọ̀wọ̀ fún mi ju bẹ́ẹ̀ lọ, jẹ́ kí ìbéèrè rẹ rọrùn láti dáhùn.

2. Àìkọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà

Orúkọ fáìlì, nọ́ńbà síláìdì, orúkọ ìwé, ẹ̀dà rẹ̀, ojú ìwé: bí ọ̀kan bá kù nínú márùn-ún yìí, má tíì fi ránṣẹ́.

3. Pípe ìyàtọ̀ ní àṣìṣe láìwo ohun tí lẹ́tà dúró fún

Ibí ni mo fẹ́ dúró sí, torí ibí ni wákàtí àwọn ọmọ yìí ń ṣòfò sí jù. Síláìdì 14 mi sọ pé:

ΔU = Q + W

Ìwé físíìsì tó wà lọ́wọ́ wọn sọ pé:

ΔU = Q − W

ΔU ni ìyípadà nínú agbára tó wà nínú gáàsì, Q ni ooru tí a fún gáàsì náà, W sì ni iṣẹ́. Ẹni tó bá kàn wò wọ́n lójú á ní ọ̀kan gbọ́dọ̀ jẹ́ irọ́. Kò sí irọ́ níbẹ̀. Nínú ìwé yẹn, W ni iṣẹ́ tí gáàsì ṣe sí ohun tó yí i ká. Nínú síláìdì mi, W ni iṣẹ́ tí ohun tó yí i ká ṣe sí gáàsì. Lẹ́tà kan náà ni, àmọ́ ohun méjì tó kọ ẹ̀yìn síra ni wọ́n fi pè. Ìdí tí ti inú ìwé fi rí bẹ́ẹ̀ kò ṣòro. Nígbà tí Rudolf Clausius, onímọ̀ físíìsì ará Jámánì, gbé òfin tí fọ́múlà yìí ń sọ kalẹ̀ ní 1850, ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì tó ń fi ooru ṣiṣẹ́ ló gba ayé kan: ooru ń wọlé, iṣẹ́ ń jáde. Ọ̀pọ̀ ìwé físíìsì àti ti ìmọ̀ ẹ̀rọ ṣì ń ka iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ títí dòní. Àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì, tí àjọ IUPAC jẹ́ atọ́nà fún, ń fi àmì ìròpọ̀ sí ohunkóhun tó bá wọ inú gáàsì, ì báà jẹ́ ooru, ì báà jẹ́ iṣẹ́. Èyí ni mo tẹ̀ lé.

Fi nọ́ńbà sí i, wàá rí i. Gáàsì hílíọ́ọ̀mù wà nínú sílíńdà, písítìnì bò ó lórí, ìtẹ̀ tó wà lórí rẹ̀ kò sì yí padà: 100,000 pásíkàlì. A fún un ní ooru júùlù 500. Ó fẹ̀ láti lítà 3 sí lítà 5. Lítà 2 tó fi fẹ̀ sí i jẹ́ 0.002 m³, torí náà iṣẹ́ tó ṣe láti ti písítìnì sókè jẹ́ 100,000 × 0.002, ìyẹn júùlù 200.

Bí ìwé ṣe kà á, W = 200, ìdáhùn sì jẹ́ 500 − 200 = 300. Bí síláìdì ṣe kà á, gáàsì ló ṣiṣẹ́, wọn ò ṣiṣẹ́ sí i, nítorí náà W = −200, ìdáhùn sì jẹ́ 500 + (−200) = 300. Ọ̀nà méjèèjì já sí ibì kan náà. Ẹni tó bá mú fọ́múlà síláìdì, tó wá fi W inú ìwé sínú rẹ̀, ló máa rí 700. Wo 700 yẹn dáadáa. Júùlù 500 la fún gáàsì, ó tún ná nínú rẹ̀. Níbo ni 700 ti wá?

Kí o tó kọ̀wé sí ẹnikẹ́ni, wá ìlà tó sọ ohun tí W dúró fún. Nínú ìwé, ìbẹ̀rẹ̀ orí náà ló sábà máa ń wà. Nínú síláìdì, wo ọ̀kan tàbí méjì tó ṣáájú. Bí o kò bá rí i rárá, ìbéèrè rẹ ti yí padà nìyẹn, ó sì ti dára sí i: "Nínú síláìdì 14, ṣé iṣẹ́ tí gáàsì ṣe ni W, àbí iṣẹ́ tí a ṣe sí gáàsì?" Gbólóhùn kan ni mo máa fi dáhùn.

4. Fífi ìṣirò rẹ pamọ́

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi rèé, ó sì ṣì ń dùn mí. Lọ́dún kan, akẹ́kọ̀ọ́ kan kọ̀wé sí mi pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé síláìdì 14 yàtọ̀ sí ìwé. Mo fi ìlà kan dá a lóhùn: ọ̀nà méjì tí wọ́n ń gbà ka iṣẹ́ ni, méjèèjì tọ̀nà. Ó dúpẹ́, ọ̀rọ̀ parí. Òótọ́ ni mo sọ nípa síláìdì 14. Àmọ́ lórí síláìdì 15 tó tẹ̀ lé e, mo ti kọ W = PΔV, níbi tí P ti jẹ́ ìtẹ̀, tí ΔV sì jẹ́ ìyípadà nínú àyè tí gáàsì gbà. Bí mo ṣe ka iṣẹ́, W = −PΔV ló yẹ kó jẹ́. Àmì ìyọkúrò ti bọ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ mi, mi ò sì mọ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ yẹn ti ṣe ìṣirò kan, ó ti rí 700, ó sì ti mọ̀ pé nǹkan kan ò lọ bó ṣe yẹ. Kò fi í sínú ímeèlì. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ó dà bíi pé òun ń bá àgbà jiyàn ni. Nígbà tí mo ń máàkì ìwé ìdánwò ni mo rí 700, mo tún rí 700, mo wá lọ ṣí síláìdì ara mi. Gbogbo ẹni tó tẹ̀ lé síláìdì 15 ni mo dá máàkì padà fún. Ká ní ìlà ìṣirò kan ṣoṣo wà nínú ímeèlì yẹn ni, ìṣẹ́jú kan ni ì bá gbà mí láti rí ibi tí àṣìṣe wà. Fífi ìṣirò hàn kì í ṣe àrífín. Òun gan-an ló ń jẹ́ kí olùkọ́ mọ ibi tó yẹ kó wò.

Ohun tí mo rí kọ́ nínú rẹ̀ ni pé kéèyàn má ṣe fi fọ́múlà kan wé fọ́múlà kan kó sì dúró síbẹ̀. Tẹ̀ lé ti síláìdì lọ sí èyí tó kàn, kí o wò ó bóyá wọ́n bára wọn mu. Lẹ́yìn náà, dán an wò pẹ̀lú ohun tí o ti mọ ìdáhùn rẹ̀ láìṣírò. Mú pọ́ǹpù kẹ̀kẹ́, fi àtàǹpàkò dí ẹnu rẹ̀, kí o tì í wọlé kíákíá: ara pọ́ǹpù á móoru. Ó yá débi pé ooru kò fi bẹ́ẹ̀ ráyè wọlé tàbí jáde, nítorí náà Q fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òfo. Agbára inú afẹ́fẹ́ ti pọ̀ sí i, ΔU gbọ́dọ̀ ju òfo lọ. Àyè tí afẹ́fẹ́ wà ti dín kù, ΔV kéré sí òfo. Bí o bá lo ΔU = Q + W pẹ̀lú W = PΔV, wàá rí i pé afẹ́fẹ́ náà ń tutù. Ọwọ́ rẹ tó wà lára pọ́ǹpù ti sọ pé irọ́ ni. Fi àmì ìyọkúrò padà sí iwájú PΔV, ó tò.

Bí mo ṣe fẹ́ kí ímeèlì náà rí nìyí, kí o sì fi orúkọ fáìlì àti orúkọ ìwé gan-an kún un:

> Àkọlé: Ìbéèrè lórí síláìdì 14 àti 15, àmì W
>
> Ẹ káàárọ̀ mà. Mo wà nínú kíláàsì yín ti ọdún kìíní.
>
> Síláìdì 14 sọ pé ΔU = Q + W. Ìwé wa, ẹ̀dà kẹta, ojú ìwé 212, sọ pé ΔU = Q − W. Mo rí i pé W inú ìwé ni iṣẹ́ tí gáàsì ṣe. Mo rò pé ti inú síláìdì ni iṣẹ́ tí a ṣe sí gáàsì.
>
> Àmọ́ síláìdì 15 ní W = PΔV. Bí mo bá lò ó fún gáàsì tó gba ooru 500 J, tó sì fẹ̀ nípa 0.002 m³ lábẹ́ 100,000 Pa, mo rí ΔU = 700 J. Ìwé fún mi ní 300 J. Ṣé W = −PΔV ló yẹ kó wà níbẹ̀, àbí ibì kan wà tí mo ti ṣì í lóye? Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni ká lò nínú ìdánwò?
>
> Mo so àwòrán síláìdì méjèèjì àti ti ojú ìwé náà mọ́ ọn. Ẹ ṣeun mà.

Wo "àbí ibì kan wà tí mo ti ṣì í lóye". Kò fi ẹ̀sùn kan olùkọ́, kò sì sá fún ìbéèrè. Má sì gbàgbé ìbéèrè ìdánwò yẹn o, torí fọ́múlà méjì lè tọ̀nà kó jẹ́ pé ọ̀kan ṣoṣo ni olùkọ́ rẹ fẹ́ rí.

Má fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí olórí ẹ̀ka ní ìgbà àkọ́kọ́. Má dúró di alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìdánwò. Bí o bá ń ka síláìdì tí ẹnì kan sọ di PDF, ṣí fáìlì tí olùkọ́ fi sílẹ̀ gan-an kí o tó sọ pé àmì kan kò sí, nítorí àmì máa ń sọnù nígbà tí fáìlì bá ń yí padà. Wo ọjọ́ tó wà lórí fáìlì náà pẹ̀lú, ó lè jẹ́ pé wọ́n ti tún un ṣe, tí o ṣì di ti àtijọ́ mú.

Bí olùkọ́ bá sì dáhùn pé ọ̀nà méjì tí wọ́n ń gbà ka iṣẹ́ ni, bí èmi náà ṣe dáhùn lọ́dún yẹn, padà sórí ìṣirò rẹ. Bí ó bá ṣì ń fún ọ ní 700, fèsì sí ímeèlì kan náà: "Ẹ ṣeun mà, ó yé mi. Mo tún ìṣirò náà ṣe bí ẹ ṣe sọ, pẹ̀lú W láti síláìdì 15, 700 J ni mo ṣì rí."