Bí mo ṣe ṣírò iye àpò fúláwà tó yẹ kí a máa rà lẹ́ẹ̀kan, àti ibi tí ìṣirò náà ti já

Ilé ìṣebúrẹ́dì tí mo ń bá rajà wà ní Kubwa, ní Àbújá. Lọ́jọ́ kan, Alhaja tó ni ilé iṣẹ́ náà pè mí, wọ́n sì bi mí léèrè ìdí tí mo fi ń ra àpò fúláwà 300 lẹ́ẹ̀kan nígbà mìíràn, tí mo sì ń ra 40 péré nígbà mìíràn, nígbà tó jẹ́ pé nǹkan bí àpò mẹ́wàá ni à ń lò lójúmọ́. N kò ní èsì tó fi ẹsẹ̀ múlẹ̀ fún wọn. Mo tọrọ ọ̀sẹ̀ kan láti fi ṣírò rẹ̀.

Ìlànà tí mo gbé ìṣirò náà lé ti pẹ́. Ford Harris, ará Amẹ́ríkà, ló tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1913. Ohun tó kíyè sí ni pé ìnáwó méjì ló ń bá ara wọn jà nínú ọjà rírà. Bí a bá ń rà díẹ̀díẹ̀, owó ọkọ̀ àti owó alábàárù yóò pọ̀, nítorí a óò máa lọ lemọ́lemọ́. Bí a bá sì rà púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan, owó wa yóò sùn sínú sítọ̀, kòkòrò yóò sì bá wa pín nínú rẹ̀. Iye tó dára jù lọ ni èyí tí ìnáwó méjèèjì ti dọ́gba, bí a sì ṣe ń rí i nìyí:

```
Q = sqrt(2 × D × S / H)
```

sqrt dúró fún gbòǹgbò onílọ̀ọ́po méjì, Q ni iye àpò tí a óò rà lẹ́ẹ̀kan, D ni iye tí à ń lò lọ́dún, S ni owó tí rírà kan ń ná wa, H sì ni owó tí títọ́jú àpò kan fún ọdún kan ń ná wa.

D kò ṣòro: 3,600. S ni mo kọ́kọ́ ṣì, nítorí mo ti ka owó oṣù mi mọ́ ọn. Bí a bá lọ sọ́jà lẹ́ẹ̀kan sí i, owó oṣù mi kò ní lé, nítorí náà kò sí àyè fún un níbẹ̀. Ohun tó kù ni ọkọ̀ akẹ́rù láti Súlèjá, 30,000 náírà. Àwọn alábàárù níbi ìkẹ́rù àti níbi ìsọ̀kalẹ̀, 8,000. Àti owó tí báńkì ń yọ pẹ̀lú àwọn ìnáwó kéékèèké, 2,000. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 40,000.

Bákan náà ni mo ṣe yọ owó ilé sítọ̀ kúrò nínú H, torí pé iye kan náà là ń san yálà sítọ̀ kún tàbí ó ṣófo. Owó tó so mọ́ àpò ni èlé ṣáájú ohun gbogbo. Ní Oṣù Kọkànlá 2024, Báńkì Àpapọ̀ gbé ìpìlẹ̀ èlé rẹ̀ dé 27.5 nínú ọgọ́rùn-ún, gbèsè tí àwa sì fi ń rajà wà ní 30. Lórí àpò tí à ń rà ní 60,000, èlé náà jẹ́ 18,000 lọ́dún. Mo fi 2,000 kún un fún kòkòrò àti àpò tó ya, H sì di 20,000.

Bí a bá fi àwọn iye wọ̀nyí síbi tí wọ́n yẹ, ohun tó wà lábẹ́ gbòǹgbò jẹ́ 14,400, Q sì jẹ́ 120. Ìyẹn ni pé a óò máa lọ ní ìgbà 30 lọ́dún, lẹ́yìn ọjọ́ méjìlá-méjìlá. Owó rírà jẹ́ 1,200,000 náírà. Nítorí pé ìdajì iye tí a rà ló máa ń wà nílẹ̀ ní ìpíndọ́gba, owó ìtọ́jú àpò 60 náà jẹ́ 1,200,000.

Kí n tó gbé e tọ Alhaja lọ, mo dán àwọn iye mìíràn wò, ibẹ̀ ni mo sì ti rí ohun tó wúlò jù fún mi nínú gbogbo iṣẹ́ náà. Bí a bá ra 60 lẹ́ẹ̀kan, tàbí 240, àpapọ̀ ìnáwó méjèèjì á di 3,000,000 dípò 2,400,000: àṣìṣe ìlọ́po méjì fi ìdá mẹ́rin péré kún un. Bí a bá ra 150, ohun tó lé jẹ́ 60,000 ní gbogbo ọdún. Ẹni tó bá ń bá ara rẹ̀ jà lórí àpò mẹ́wàá sókè sódò ń fi àkókò rẹ̀ ṣòfò.

Ọkọ̀ ló kọ́kọ́ já ìṣirò náà. Ìlànà yìí gbà pé S dúró sójú kan láìka iye tí a bá rà sí, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí à ń háyà kì í gbà ju tọ́ọ̀nù márùn-ún lọ, ìyẹn àpò 100 onílógíráàmù àádọ́ta. Ogún àpò tó kù á nílò ọkọ̀ kejì, èyí tí wọ́n ní kí a san 25,000 fún. Bí S bá ti di 65,000, àpò 120 á ná wa ní 3,150,000 lọ́dún. Ríra 100 ń ná wa ní 2,440,000. A mú 100.

Iye owó ọjà ló já a jù. Ìlànà náà gbà pé iye tí a ń ra àpò kò ní yí padà. Lóṣù kẹta tí a bẹ̀rẹ̀, alágbàtà wa ní Súlèjá fi ìwé ránṣẹ́ pé láti Mọ́ńdè tó ń bọ̀, àpò kan yóò di 63,000. Mo ṣe ìṣirò náà tuntun pẹ̀lú iye yìí, ó sì fún mi ní nǹkan bí 117 dípò 120. Àpò mẹ́ta péré ló yí! Ìdí rẹ̀ ni pé ìlànà yìí kò bi wá bóyá kí a rà lónìí tàbí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó rò pé ọjọ́ méjèèjì rí bákan náà.

Mo wá gbà á lọ́nà mìíràn. Títọ́jú àpò kan ń ná wa ní bíi náírà 55 lójúmọ́. Bí a bá rà á kí owó tó lé, a óò jèrè 3,000 lórí rẹ̀. Nítorí náà, gbogbo àpò tí a bá máa lò láàárín ọjọ́ 54 ló yẹ kí a rà kí Mọ́ńdè tó dé, ìyẹn bíi 540.

“Ó ń lọ sí mílíọ̀nù 32,” ni mo sọ fún Alhaja.

“Ta ló fẹ́ gbé irú owó bẹ́ẹ̀ fún wa lọ́sẹ̀ yìí?” ni wọ́n dáhùn. “Ṣé o fẹ́ kí a má ra ṣúgà àti yíìsì mọ́ ni?”

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Èlé 30 tí mo kọ sínú H dúró fún owó tí a lè yá. Owó tí ẹnikẹ́ni kò ní yá wa kò ní iye tí a lè kọ sílẹ̀ fún un. Mílíọ̀nù 18 ni wọ́n rí kó jọ, mo sì ra 300, ọkọ̀ mẹ́ta gbáko. Àpò 200 tó lé lórí 100 tí à bá rà tẹ́lẹ̀ dá 600,000 sí fún wa, ìtọ́jú wọn fún nǹkan bí ogún ọjọ́ ní ìpíndọ́gba sì jẹ́ 220,000. Owó ọkọ̀ wọn kò yí padà, nítorí a ṣì máa gbé wọn lọ́jọ́ mìíràn. Èrè 380,000 lórí ìpinnu kan ṣoṣo, nígbà tí gbogbo ìyàtọ̀ tó wà láàárín 100 àti 120 orí ìwé kò ju 40,000 lọ lọ́dún kan.

N kì í ṣe bẹ́ẹ̀ nítorí àhesọ. Nígbà kan tí mo gbọ́ lẹ́nu àwọn awakọ̀ pé fúláwà fẹ́ wọ́n, mo rà púpọ̀, iye rẹ̀ sì já wálẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Ìwé alágbàtà nìkan ni mo ń tẹ̀ lé báyìí.

Ìlànà náà kò tún sọ ìgbà tó yẹ kí a lọ. Láti ìgbà tí a bá sanwó títí fúláwà yóò fi dé jẹ́ ọjọ́ mẹ́rin, àpò 40 ni à ń lò láàárín rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹrù alágbàtà ń gba Lọ́kọ́ja wá láti Èkó, mo sì rántí Oṣù Kẹwàá 2022, nígbà tí omíyalé dí ọ̀nà Lọ́kọ́ja tí ọkọ̀ akẹ́rù sì tò sójú kan. Mo fi 40 mìíràn kún un. Bí sítọ̀ bá ti ku 80, mo ti ń pe Súlèjá. Ní Oṣù Kejìlá nìkan ni mo ń sọ ọ́ di 50, nítorí bí Kérésì bá ti ń sún mọ́lé, ọ̀pọ̀ ará Àbújá á ti wọkọ̀ lọ sílé, ìwọ̀n tí à ń lò lójúmọ́ á sì bọ́ sí mẹ́fà.